LCD lórí wáyà dátà mẹ́rin: ìdí tí kì í fi bẹ̀rẹ̀ dáadáa

Ìbéèrè: Ó máa ń ṣiṣẹ́ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ bọ́tìnì rísẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á dúró síbẹ̀, tuntun ò ní jáde. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún máa ń dára. Mo ti fi 0x2 ránṣẹ́ pé bíìtì mẹ́rin ni mo fẹ́ lò, kí ló tún kù?

Bọ́tìnì yẹn ò kan LCD rárá. Máíkírókọ́ńtúrólà nìkan ló ń tún bẹ̀rẹ̀. Ṣíìpù HD44780 tó wà lẹ́yìn LCD ṣì ní iná lára, ó sì wà ní ipò tí ẹ fi í sí kẹ́yìn, ìyẹn bíìtì mẹ́rin. Kóòdù yín ń bá a sọ̀rọ̀ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná ni, tó ṣì wà ní bíìtì mẹ́jọ.

Tó bá wà ní bíìtì mẹ́jọ, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ E bá gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, ó ti gba báìtì kan nìyẹn. Ìdí nìyí tí 0x2 kan ṣoṣo fi tó láti gbé e lọ sí bíìtì mẹ́rin. Tó bá ti wà ní mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ìdajì báìtì ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, á sì máa dúró de ìdajì kejì kó tó ṣe ohunkóhun. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ètò ìbẹ̀rẹ̀ yín lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì:

```
Ẹ fi ránṣẹ́:    2  28  08  01  06  0C
LCD kà á sí:    22  80  80  10  60  C_
```

2 tó dá wà níwájú ni LCD so pọ̀ mọ́ 2 tó bẹ̀rẹ̀ 0x28, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì yẹ̀ kúrò ní ipò. 0x01 tó yẹ kó nu ojú rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. 0x10 ló rí, ìyẹn ni pé kí kọ́sọ̀ sún sápá òsì. Ìdí tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ fi dúró síbẹ̀ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni 0x60, torí ó ń sọ fún LCD pé dátà tó ń bọ̀ ń lọ sínú CGRAM, ibi tí a ń tọ́jú àwòrán lẹ́tà tí a bá fúnra wa yà. Ó tún wá di C kan mú lọ́wọ́ tó ń retí ìdajì kejì rẹ̀.

Ti pé ó máa ń dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan náà ní ìdí. Ká ní ẹ tẹ bọ́tìnì ní àkókò gan-an tí kóòdù ń kọ lẹ́tà A, tí 4 ti lọ, tí 1 ò tíì lọ. 4 ti wà lọ́wọ́ LCD. 2 yín á wá parí rẹ̀ di 0x42, 0x28 tó tẹ̀ lé e á sì bọ́ sí ipò tó yẹ ẹ́, gbogbo nǹkan á dára. Àbùkù tó ń wá tó ń lọ báyìí ló máa ń mú kí èèyàn máa tún wáyà so láìnídìí.

Ìbéèrè: Ṣé ìdí nìyẹn tí ìwé àlàyé ṣíìpù fi ní ká fi 0x3 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Kí ló dé tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kí sì ni àkókò tó wà láàárín wọn wà fún?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ipò mẹ́ta péré ni LCD lè wà nígbà tí kóòdù yín bá bẹ̀rẹ̀, 3 mẹ́ta yẹn sì ni iye tó kéré jù tó lè kó gbogbo wọn sí ojú kan náà.

Tó bá wà ní bíìtì mẹ́jọ, 3 kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ kan tó ń sọ pé kó dúró sí bíìtì mẹ́jọ, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Tó bá wà ní bíìtì mẹ́rin, tí kò sì di nǹkan kan mú lọ́wọ́, méjì àkọ́kọ́ á para pọ̀ di 0x33, èyí tó ń gbé e padà sí bíìtì mẹ́jọ, ẹ̀kẹta á wá jẹ́ àtúnsọ lásán. Tó bá wà ní bíìtì mẹ́rin tó sì ń retí ìdajì kejì, 3 àkọ́kọ́ á parí ohun tó dì mú, méjì tó kù á di 0x33. Èyí ló nílò ẹ̀kẹta. Ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, bíìtì mẹ́jọ ló máa bá ara rẹ̀, 0x2 tó dá wà á wá ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo.

Àkókò náà ò ṣàdédé wà níbẹ̀. Ẹ wo ipò kẹta yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ 0 ni LCD dì mú, 3 àkọ́kọ́ á sọ ọ́ di 0x03, ìyẹn àṣẹ pé kí kọ́sọ̀ padà sílé. Àṣẹ yẹn àti èyí tó ń nu ojú LCD ló pẹ́ jù nínú gbogbo àṣẹ: mílíìsẹ́kọ́ǹdù 1.52, nígbà tí aago inú ṣíìpù bá ń sáré ní kìlóhẹ́ẹ̀tì 270. Kì í ṣe gbogbo LCD ni aago rẹ̀ ń sáré tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ dúró ju mílíìsẹ́kọ́ǹdù 4.1 lọ lẹ́yìn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìkejì, ó ju máíkírósẹ́kọ́ǹdù 100 lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ dúró ju mílíìsẹ́kọ́ǹdù 40 lọ lẹ́yìn tí iná bá ti dé fólìtì 2.7. Ẹ ò lè bi LCD léèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti dilẹ̀ ní àsìkò yìí, torí ẹ ò tíì mọ ipò tó wà, àfi kí ẹ dúró.

```c
PORTB &= ~((1 << RS) | (1 << E));
_delay_ms(50);
idaji(0x3); _delay_ms(5);
idaji(0x3); _delay_us(150);
idaji(0x3); _delay_us(150);
idaji(0x2); _delay_us(50);
fi(0x28, 0);
fi(0x08, 0);
fi(0x01, 0); _delay_ms(2);
fi(0x06, 0);
fi(0x0C, 0);
```

`idaji` àti `fi` wà nínú kóòdù tó wà nísàlẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì kan ṣoṣo lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti 0x28 lọ ni báìtì odindi, ìdajì òkè ṣáájú. Ẹ má fo 0x28 yẹn pé 0x2 ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ o. Nígbà tí 0x2 ń lọ, D0 dé D3 ò so mọ́ ibì kankan, bẹ́ẹ̀ bíìtì tó ń sọ iye ìlà wà lára wọn. 0x28 ló ń sọ fún LCD pé ìlà méjì ló ní.

Ìbéèrè: Ìlà òkè kún fún àpótí dúdú, ìlà ìsàlẹ̀ ṣófo. Ṣé LCD ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Bí LCD onílà méjì ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ti gba iná, tí ẹsẹ̀ V0 tó ń darí bó ṣe dúdú tó sì dára, ṣùgbọ́n tí ètò ìbẹ̀rẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹ wáyà E wò ṣáájú, kí ẹ wá rí i pé ẹsẹ̀ RW wọlẹ̀ sí gíráńdì. Tí RW bá wà láìso, ó lè jẹ́ pé kíkà ni LCD rò pé ẹ ń kà, kò sì ní gba nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ètò ìbẹ̀rẹ̀ dára, mo lo 0x0F, kọ́sọ̀ sì ń ṣẹ́jú. Mo wá kọ "ABC", kò sí ohun tó jáde, kódà kò sí jákujàku.

RS lọ sílẹ̀ nígbà tó yẹ kó wà lókè. Báìtì kan náà ni, àṣẹ ni tí RS bá wà nílẹ̀, dátà ni tó bá wà lókè. Lẹ́tà A jẹ́ 0x41. Tí RS bá wà nílẹ̀, 0x41 túmọ̀ sí àdírẹ́sì 1 nínú CGRAM. Gbogbo lẹ́tà, ńlá àti kékeré, ló bọ́ sáàárín 0x40 àti 0x7F, nítorí náà gbogbo wọn di àdírẹ́sì CGRAM, kò sì sí èyí tó ń yọjú síta.

Nọ́ńbà ló tún burú jù. 5 jẹ́ 0x35, tó bá sì jẹ́ àṣẹ, ó ń gbé LCD lọ sí bíìtì mẹ́jọ. Ẹ lè fi ìyẹn dán an wò: tí "ABC" bá ń parẹ́ jẹ́ẹ́, àmọ́ tí gbogbo nǹkan dàrú lẹ́yìn tí ẹ kọ "5", RS ni ẹjọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ òdìkejì ni, tí RS wà lókè nígbà tí ẹ ń fi àṣẹ ránṣẹ́, àṣẹ á di lẹ́tà. 0xC0 tó yẹ kó gbé kọ́sọ̀ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì á di lẹ́tà àwọn ará Japan lójú LCD tó bá ní àkójọ lẹ́tà wọn.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú kóòdù ni bó ṣe ń kọ sí pọ́ọ̀tù. Àìmọye kóòdù ló ń gbé RS sókè dáadáa, tí ìlà tó tẹ̀ lé e á sì kọ `PORTB = n;`, èyí tó ń gbá gbogbo pọ́ọ̀tù náà, títí kan RS tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sókè. Ìdajì ìsàlẹ̀ pọ́ọ̀tù nìkan ló yẹ kó yí padà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, D4 dé D7 wà lórí PB0 dé PB3, RS wà lórí PB4, E wà lórí PB5:

```c
void idaji(uint8_t n) {
  PORTB = (PORTB & 0xF0) | (n & 0x0F);
  PORTB |= (1 << E);  _delay_us(1);
  PORTB &= ~(1 << E); _delay_us(1);
}
void fi(uint8_t b, uint8_t rs) {
  if (rs) PORTB |= (1 << RS);
  else    PORTB &= ~(1 << RS);
  idaji(b >> 4);
  idaji(b);
  _delay_us(50);
}
```

RS ti gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ kí E tó gòkè. Ìgbà tí E bá ń sọ̀kalẹ̀ ni LCD ń mú ohun tó wà lórí wáyà dátà. Tí ẹ bá fẹ́ rí i lójú ara yín, ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ẹ wá fi `while (1);` dá kóòdù dúró, kí ẹ fi mítà kan ẹsẹ̀ RS lára LCD fúnra rẹ̀. Ó yẹ kó ka fólìtì tó sún mọ́ ti iná tí máíkírókọ́ńtúrólà ń lò. Tó bá ka òdo, ẹ padà sínú kóòdù tàbí sí wáyà yẹn.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn 0x01, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń sọnù.

Máíkírósẹ́kọ́ǹdù 50 tó ọ̀pọ̀ jù lọ àṣẹ, torí 37 ni wọ́n ń gbà, àmọ́ kò tó 0x01 àti 0x02. Ẹ fi mílíìsẹ́kọ́ǹdù 2 sẹ́yìn àwọn méjèèjì. Lẹ́tà tó bá dé nígbà tí ọwọ́ LCD ò tíì dilẹ̀ lè má wọlé.

Ìbéèrè: Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí rèlé kan fi ṣí mọ́tò. Láti ìgbà yẹn, "ABCD" ti di jákujàku tó ní $ àti 4 nínú.

$ àti 4 yẹn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. ABCD jẹ́ 41 42 43 44. Tí ìdajì kan tí ẹ ò fi ránṣẹ́ bá wọlé ṣáájú wọn, LCD á kà wọ́n sí _4 14 24 34 4_. 0x24 ni $, 0x34 ni 4. Ariwo iná mọ́tò ló wọ wáyà E, LCD sì rò pé ẹ ti fi nǹkan ránṣẹ́.

Ẹ gé wáyà E kúrú, ẹ gbé e jìnnà sí ti mọ́tò, kí ẹ sì so kápásítọ̀ 100 nF mọ́ VDD àti gíráńdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ LCD. Fún rèlé onífólìtì DC, dáyóòdù gbọ́dọ̀ wà lórí kọ́ìlì rẹ̀. Ní ti kóòdù, ẹ tún ètò ìbẹ̀rẹ̀ òkè yìí ṣe láti 0x3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí rèlé bá ti yí, kí ẹ wá tún ọ̀rọ̀ kọ. Kò dìgbà tí ẹ bá pa iná, torí 3 mẹ́ta yẹn á mú LCD padà bọ́ sí ipò láti inú yíyẹ̀ yìí náà. Ojú rẹ̀ á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí 0x01. Tẹ́ ò bá fẹ́ kó ṣẹ́, ẹ yọ 0x08 àti 0x01 kúrò nínú àtúnṣe yìí, kí ẹ fi 0x80 sí i, kí ẹ sì kọ lẹ́tà 16 kún ìlà òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 0xC0 ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ 16 kún ìlà ìsàlẹ̀.