Owó Oṣù Àkọ́kọ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ kú oríire. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ṣe tíṣà níbí ní Adó-Èkìtì ni n ó ti mú àpẹẹrẹ, torí ojú mi ló ṣe.

80,000 náírà ni owó oṣù rẹ̀. Oṣù kìíní, ó ní òun á tọ́jú ohun tó bá ṣẹ́ kù. Ó fún ìyá rẹ̀ ní 30,000, ó ra aṣọ ẹbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ń wọ ọ̀kadà lọ sí ibiiṣẹ́. Nígbà tí oṣù fi máa di ọjọ́ 19, ó ti ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: ẹni tó bá ń dúró de àjẹkù kì í rí nǹkan kan fi pamọ́.

A jókòó, a mú bírò. A pín owó náà kó tó wọlé: 8,000 fún ìfipamọ́, 10,000 fún ìyá rẹ̀, 12,000 fún owó ilé, 15,000 fún ọkọ̀, 25,000 fún oúnjẹ, 10,000 fún ohun tó bá yọjú. Ọjọ́ tí àláàtì bá dé gan-an ni 8,000 náà ń kúrò, ó ń lọ sí àkáǹtì ní báǹkì mìíràn, èyí tí kò gba káàdì sí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú àkáǹtì tí ẹ fi ń ná owó, ẹ ó ná an ni.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò rọrùn o. Èmi kò ní sọ fún ọmọ Èkìtì kankan pé kó má fún òbí rẹ̀ nínú owó oṣù àkọ́kọ́ kí wọ́n fi súre fún un. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn fún wọn ní iye tí kò ní lè fún wọn mọ́. Iye tí ẹ bá gbé sílẹ̀ lóṣù kìíní ni wọn yóò máa retí lóṣù kejì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ra nǹkan fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀bùn ni.

Àwọn kan yóò ní alájọ ti tó àwọn. Alájọ dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 15,000 lẹ dá, 14,500 lẹ ó gbà, torí owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Owó yín kò bímọ, ó dín ni.

Ẹ má sì sáré lọ dókòwò. Oúnjẹ àti ọkọ̀ ọmọ yìí jẹ́ 40,000 lóṣù, nítorí náà ó kọ́kọ́ kó ti oṣù méjì jọ, 80,000. Oṣù mẹ́wàá ló gbà á. Ká ní ó ti fi owó yẹn ra bọ́ǹdì ni, ìyẹn ni pé ó yá ìjọba lówó kó lè gba èlé, tí àìsàn sì dé, yóò ní láti tà á ní ọjà ìpín ìdókòwò, ó sì lè pẹ́, ó sì lè dín.

Láti oṣù kọkànlá ló ti ń fi 8,000 rẹ̀ ra bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ti ìjọba àpapọ̀. 5,000 náírà ló kéré jù tí wọ́n ń gbà. Ọlọ́dún méjì wà, ọlọ́dún mẹ́ta wà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé. Ká ní èlé jẹ́ 12% lọ́dún: 8,000 yóò mú 240 náírà wá lóṣù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n bó bá ra irú rẹ̀ méjìlá, 96,000 ti wà nílẹ̀, èlé rẹ̀ sì di 2,880 lóṣù mẹ́ta. Bí ọjà bá ń gbówó lórí ju èlé lọ, agbára owó náà yóò ṣì máa dín, àmọ́ kò ní dín tó ti owó tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹni tó bá wá ní òun á fún yín ní 30% lóṣù, bí ètò sogúndogójì MMM ṣe ṣèlérí kó tó ti owó àwọn èèyàn mọ́ inú lóṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹ bi í pé níbo ni èrè náà ti ń wá.

Ẹ bèèrè pẹ́ńṣàn náà. Bí ibiiṣẹ́ aládàáni bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí wọ́n yọ 8% nínú owó yín, kí àwọn náà fi 10% kún un. Ẹ má kàn gbà pé wọ́n ń san án. Ẹ máa wo àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín.

Àṣìṣe kan kù, inú fọ́ọ̀mù bọ́ǹdì ló máa ń fara pamọ́ sí. Wọ́n á bèèrè nọ́ńbà àkáǹtì tí èlé yóò máa wọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì kọ ti owó oṣù wọn, èlé á wọlé, wọn ò ní mọ ìgbà tó jáde. Ọmọ yìí náà ti fẹ́ kọ ọ́ kí n tó dá a dúró. Ó fagi lé e, ó gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì tí kò ní káàdì yẹn.