Jọ́nà ọjà lọ́nà méjì: ìbéèrè ìdánwò kan àti aago mẹ́ta tó sọnù

Ẹ mú bírò, ká jọ ṣe ìbéèrè kan láti òkè délẹ̀. Irú rẹ̀ ni olùdánwò fẹ́ràn jù: ìtàn òwò kan ṣoṣo, wọ́n á sì ní kó o kọ jọ́nà rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lábẹ́ ètò ìgbàdégbà àti lábẹ́ ètò àìdáwọ́dúró.

Ìtàn náà nìyí. Ilé ìtajà kan bẹ̀rẹ̀ oṣù pẹ̀lú aago 40, tí wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 50. Wọ́n ra 100 sí i láwìn ní iye kan náà, wọ́n sì dá 10 padà fún ẹni tó tà á fún wọn. Wọ́n ta 90 láwìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 80. Oníbàárà dá 5 padà láìsí àbùkù lára wọn. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ka ọjà, wọ́n sì bá 42 nílẹ̀.

Má tíì fọwọ́ kan jọ́nà. Kọ́kọ́ ka aago, má ka owó: 40 àti 100 jẹ́ 140, yọ 10, ó ku 130, yọ 90, ó ku 40, fi 5 tó padà wálé kún un, ó di 45. Ṣùgbọ́n 42 ni wọ́n kà. Aago mẹ́ta ti wọlẹ̀. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ, torí àwọn mẹ́ta yìí ni máàkì pọ̀ sí jù.

Ìyàtọ̀ ètò méjèèjì kò ju ìbéèrè kan lọ: ṣé àkáǹtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá wọlé tàbí jáde, àbí ó ń dúró títí a ó fi ka ọjà? Lábẹ́ àìdáwọ́dúró, ó ń yí padà. Lábẹ́ ìgbàdégbà, ó dúró gbagidi sí 2,000 tí a fi bẹ̀rẹ̀ oṣù, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ láàárín.

Ẹ jẹ́ ká kọ ti ìgbàdégbà ṣáájú. Nítorí pé àkáǹtì ọjà kò gbọdọ̀ mì, gbogbo ohun tí a bá rà ń lọ sínú àkáǹtì tirẹ̀, Ọjà Rírà. Olówó ni mo pe ẹni tí a jẹ ní gbèsè, Onígbèsè sì ni ẹni tó jẹ wá.

Nígbà tí a rà á:
Dẹ́bíìtì Ọjà Rírà 5,000
Kírẹ́díìtì Olówó 5,000

Nígbà tí a dá 10 padà:
Dẹ́bíìtì Olówó 500
Kírẹ́díìtì Ọjà Rírà Tá A Dá Padà 500

Nígbà tí a tà á:
Dẹ́bíìtì Onígbèsè 7,200
Kírẹ́díìtì Ọjà Títà 7,200

Nígbà tí oníbàárà dá 5 padà:
Dẹ́bíìtì Ọjà Títà Tó Padà Wálé 400
Kírẹ́díìtì Onígbèsè 400

Wò ó pé a ta ọjà, a kò sì sọ ohunkóhun nípa iye tí a rà á. A kò tíì mọ̀ ọ́n ni, lábẹ́ ètò yìí. Ìparí oṣù la ó mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tí a bá ti kà á. Aago 42 ní 50 jẹ́ 2,100, nítorí náà:

Dẹ́bíìtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ (ti ìparí) 2,100
Dẹ́bíìtì Ọjà Rírà Tá A Dá Padà 500
Dẹ́bíìtì Iye-Ìrà Ọjà Tá A Tà 4,400
Kírẹ́díìtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ (ti ìbẹ̀rẹ̀) 2,000
Kírẹ́díìtì Ọjà Rírà 5,000

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ 7,000. Kò sẹ́ni tó sọ 4,400 fún wa. Òun ló ṣẹ́ kù kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó lè dọ́gba. Ọ̀nà tí a gbà rí i gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni àìlera ètò yìí wà: ohun tí kò bá sí nílẹ̀, a ti gbà pé a tà á ni. Iye-ìrà aago mẹ́ta tó sọnù ti wà nínú 4,400 yẹn, ó sá pamọ́ sáàárín àwọn tí a tà, kò sì sí ẹni tó máa rí i.

Ó yá, ètò àìdáwọ́dúró. Níbí, kò sí àkáǹtì Ọjà Rírà rárá. Bó o bá rí i nínú iṣẹ́ rẹ, o ti da ètò méjèèjì pọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a rà á:
Dẹ́bíìtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ 5,000
Kírẹ́díìtì Olówó 5,000

Nígbà tí a dá 10 padà:
Dẹ́bíìtì Olówó 500
Kírẹ́díìtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ 500

Títà ń béèrè àkọsílẹ̀ méjì. Èkíní jẹ́ iye tí a tà á, èkejì jẹ́ iye tí a rà á:
Dẹ́bíìtì Onígbèsè 7,200
Kírẹ́díìtì Ọjà Títà 7,200
Dẹ́bíìtì Iye-Ìrà Ọjà Tá A Tà 4,500
Kírẹ́díìtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ 4,500

Bí 5 ṣe padà wálé náà, méjì ni:
Dẹ́bíìtì Ọjà Títà Tó Padà Wálé 400
Kírẹ́díìtì Onígbèsè 400
Dẹ́bíìtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ 250
Kírẹ́díìtì Iye-Ìrà Ọjà Tá A Tà 250

Àkọsílẹ̀ 250 yìí ni mo rí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé jù lọ. Wọ́n á rántí èkejì nígbà títà, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ nígbà ìdápadà. Bẹ́ẹ̀, aago 5 yẹn ti padà sórí àtẹ. Ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀.

Wàyí o, ro àkáǹtì ọjà pọ̀: 2,000 àti 5,000, yọ 500, yọ 4,500, fi 250 kún un. Ó jẹ́ 2,250, ìyẹn aago 45. Ìwé ní 45, ojú rí 42. A ó fi jọ́nà kan bá ìwé wí:

Dẹ́bíìtì Iye-Ìrà Ọjà Tá A Tà 150
Kírẹ́díìtì Ọjà Tó Wà Nílẹ̀ 150

Bí ìbéèrè bá ní kó o fi àdánù náà sí àkáǹtì tirẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀; èrè tó kù lẹ́yìn tí o bá yọ àdánù náà kò ní yí padà. Iye-ìrà wá jẹ́ 4,500, yọ 250, fi 150 kún un: 4,400, bákan náà pẹ̀lú ti ìṣáájú. Ọjà tí a tà tán pátápátá jẹ́ 6,800, èrè sì jẹ́ 2,400 lọ́nà méjèèjì. Bí tìrẹ kò bá dọ́gba, wo iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ 150 ló fi yàtọ̀, aago mẹ́ta lo gbàgbé níbì kan, tàbí o ti yọ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ìgbàdégbà. Bó bá jẹ́ 250, wá ìdápadà oníbàárà lọ.

Èsì dọ́gba báyìí nítorí pé 50 ni iye gbogbo aago. Bí iye bá ń yí padà, tí o sì ń lo ètò àkọ́wọlé-àkọ́jáde, yóò ṣì dọ́gba. Iye àárín ló máa ń fa ìyàtọ̀. Ká ní a ní aago 10 ní 50, a ta 5, lẹ́yìn náà la ra 10 mìíràn ní 60. Àìdáwọ́dúró á ní 250 ni iye-ìrà 5 tí a tà, torí kò tíì sí 60 nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbàdégbà á dúró dé ìparí, á pín 1,100 sí ọ̀nà 20, á rí 55, á sì ní 275. Méjèèjì tọ̀nà, má fi ọ̀kan tún èkejì ṣe.