Bí mo ṣe túmọ̀ ìwé àlàyé àti ìwé ìfọwọ́sí fún àwọn olùkópa ìwádìí

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò gùn: ìwé àlàyé olójú ewé mẹ́rin àti ìwé ìfọwọ́sí olójú ewé kan, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìwádìí náà dá lé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ń bẹ̀ wò nílé yóò wálẹ̀ ju ti àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkópa ló jẹ́ pé wọ́n máa ka ìwé náà sí wọn létí ni, nítorí náà etí ni mo kọ ọ́ fún.

Kí n tó túmọ̀ ohunkóhun, mo kó ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn olùwádìí. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ tó báwo? Wọ́n ní mìlílítà 10, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kékeré méjì. Ó tún ní wọn yóò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà fún ìwádìí ọjọ́ iwájú. Irú ìwádìí wo? Ta ni yóò lò ó, títí di ìgbà wo? Ibí yìí ni wọ́n ti dákẹ́ díẹ̀. Mi ò sì lè fi ìdáhùn kún un fúnra mi, torí ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ìlànà ìwádìí kò bá tíì fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ dé etí olùkópa. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, kí n tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ibi tó gba ìrònú jù ni bí wọ́n ṣe máa pín àwọn ènìyàn sí ẹgbẹ́ méjì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi í wé kí a ju owó ẹyọ sókè. Mo yọ ìyẹn, torí létí àgbàlagbà, ó lè dà bíi tẹ́tẹ́, ta ló sì fẹ́ kí wọ́n fi ìlera òun ta tẹ́tẹ́? Mo rò ó bóyá kí n lo “ṣẹ́ kèké”, àmọ́ ẹni tí kèké bá mú, a máa ń gbà pé Ọlọ́run ló yàn án. Mo wá sọ bó ṣe rí gan-an: “Kọ̀ǹpútà ni yóò pín yín. Dókítà kò ní yàn, ẹ̀yin náà kò ní yàn.”

Ọ̀rọ̀ “ẹ” náà gba àkíyèsí. A kò lè pe àgbàlagbà ní “ìwọ”, ṣùgbọ́n “ẹ lè kọ̀” lè jẹ́ ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ gbogbo ilé. Baálé lè gbọ́ ọ pé òun ni kó dáhùn fún ìyàwó òun. Níbi gbogbo tí ìpinnu bá wà, mo kọ “ẹ̀yin fúnra yín”, mo sì fi kún un pé kò sí ẹni tó lè gbà á fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ dá iṣẹ́ mi padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó bára mu dáadáa. Inú àwọn olùwádìí dùn, wọ́n fẹ́ ká parí rẹ̀ síbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká kọ́kọ́ kà á fún àwọn àgbàlagbà díẹ̀ tí kò sí nínú ìwádìí, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ìyá kan sọ ọ́ wẹ́rẹ́, àfi ibi ẹgbẹ́ méjì: “Wọ́n á wò ó pé àìsàn tèmi le, wọ́n á sì máa wá kí mi nílé.” Ó gbọ́ pé dókítà kò ní yàn, síbẹ̀ ó gbà pé ẹni tó nílò rẹ̀ jù ni yóò rí i gbà. Kò sí bí dídá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè fi èyí hàn. Gbólóhùn tí mo dábàá ni: “Bí àìsàn yín ṣe le sí kọ́ ni yóò pinnu ẹgbẹ́ tí ẹ máa bọ́ sí.” Àwọn olùwádìí fi irú rẹ̀ sínú ti Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ibi yíyọwọ́ nínú ìwádìí kò pẹ́ rárá. “Láìsí ìjìyà” ni ìwé sọ, èyí tó lè mú kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìjìyà. Mo kọ ọ́ pé: “Bí ẹ bá yọwọ́, ìtọ́jú tí ẹ ń gbà ní ilé ìwòsàn kò ní yí padà.”

Ní ìparí ìwé ìfọwọ́sí, mo ya àyè ìtẹ̀ka sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé, àti àyè ẹlẹ́rìí tí kò sí lára àwọn olùwádìí, tó sì jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé dé òpin. Títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní àpótí “mo gbà” àti “mi ò gbà” tirẹ̀, kí ẹni tí kò fẹ́ ìyẹn lè kópa nínú ìyókù. Nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu. Ẹ̀dà yẹn ni ìgbìmọ̀ lu òǹtẹ̀ sí.