Owó Kúrò Lọ́wọ́ Mi, Kò Dé: Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Ìwé Ẹ̀sùn Yín Kọ

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí báńkì mi. Sùúrù ni wọ́n ń bẹ̀ mí.”

Ẹ lọ ka ohun tí ẹ kọ. Bí kò bá sí ọjọ́, wákàtí, iye owó àti nọ́ńbà tíráńsífà nínú rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè wá.

“Mo ti fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́, ṣé kò tó ni?”

Kò tó. Ẹ da nọ́ńbà inú rẹ̀ kọ sínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ má fi píìnì kún un.

“Wọ́n ní owó náà ti dé, ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí ní òun ò rí i.”

Èyí ni ó jẹ mí níyà jù. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo jókòó ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo fi ₦48,500 ránṣẹ́ sí ìyá tó ń ta gàrí fún wa ní Àgọ́-Ìwòyè. Áàpù kọ `Pending`. Mo dúró díẹ̀, mo tún un fi ránṣẹ́. Nígbà tó yá, ti àkọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ ìyá, èkejì há, owó méjèèjì sì ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kọ sí wọn ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ₦48,500 mi ti alẹ́ Jímọ̀ há, ẹ ṣàánú mi.” Wọ́n wo alẹ́ Jímọ̀, wọ́n rí èyí tó dé, wọ́n ti ẹjọ́ náà pa. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

`Session ID`, nọ́ńbà tíráńsífà tó wà lórí rìsíìtì, ló là mí lójú. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti báńkì tí owó ti kúrò (mo fi òdo dí i níbí), méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá, méjìlá ìkẹyìn sì jẹ́ ti tíráńsífà náà fúnra rẹ̀:

```
000000 250315 000312 482017365904
```

Aago méjìlá òru ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta kí èkejì tó lọ. Ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí, èmi ń pè é ní Jímọ̀! Mo wá tún un kọ báyìí:

“Owó kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè: ₦48,500, Sátidé 15/03/2025, aago 12:03 òru. `Session ID`: 000000250315000312482017365904. ₦48,500 mìíràn tí mo fi ránṣẹ́ ní 14/03/2025, aago 11:57 alẹ́, ti dé. Kì í ṣe òun ni mò ń bèèrè. Ẹ dá ti 15/03 padà sínú àkáǹtì mi.”

Mo fi nọ́ńbà ẹ̀sùn méjèèjì tí wọ́n ti pa sí ìsàlẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn “kì í ṣe òun” yẹn bí iye owó méjì bá jọra. Òun ló jẹ́ kí wọ́n yéé wo èyí tó dé.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà pọ̀ láìsí àlàfo. Kí ẹlòmíràn kà á sókè kí ẹ máa wò ó. Òdo kan tó bá sọnù, wọn ò ní rí nǹkan kan.

“Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, wọn ò dáhùn.”

Ẹ fi ìwé kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún yín, ránṣẹ́ sí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní `cpd@cbn.gov.ng`. Bí kò bá sí nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kọ́kọ́ padà lọ gbà á lọ́wọ́ báńkì yín.