Lánlọ́ọ̀dù Tí Kò Sí: Bí Mo Ṣe Kọ Ìlapa Èrò Apá Àkọ́kọ́ Eré Àwàdà Mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìlapa èrò apá àkọ́kọ́ eré àwàdà ìdílé kan tí yóò ní apá 13, kí ó lè kún ìdá kan nínú mẹ́rin ọdún bí wọ́n bá ń gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àṣírí kan ṣoṣo ló gbé e dúró: Bàbá Bísí, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ló ni ilé tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wọn pé ayálégbé ni àwọn, kí ẹbí má baà gbọ́ pé ó kọ́lé kí wọ́n sì wá kó ẹrù sí i lọ́rùn. Ohun tí kò bá wù ú, á ní lánlọ́ọ̀dù kò gbà.

Kí n tó kọ ìran kankan, mo kọ́kọ́ wá wàhálà mẹ́wàá tí àṣírí náà lè dá sílẹ̀ láìtú. Òrùlé ń jò, àwọn ọmọ fẹ́ sin ajá, ìyàwó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé. Ká ní mo rí mẹ́ta péré ni, ǹ bá ti wá àṣírí mìíràn.

Níbi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún òǹwòran títí di ìran ìkẹyìn. Nígbà tí mo kà á sétí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin, wọ́n kàn ń wò mí ni. Ìran kan wà tí Bàbá Bísí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀, tí ó ń bẹ lánlọ́ọ̀dù lórí fóònù tí kò tàn. Lójú ẹni tí kò mọ̀dí, ọkùnrin kan ló ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó mọ̀dí nìkan ló lè rẹ́rìn-ín. Mo wá gbé àṣírí náà wá sí ìṣẹ́jú kẹta nínú 24: ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ ìwé ilé láti inú agbádá àtijọ́, ó nù ún, ó dá a padà.

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló dé tí kò kúkú jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ẹbí nìkan kò tó ìdí fún apá 13. Nítorí náà, ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún, ìyàwó rẹ̀ kó ₦150,000 owó àjọ rẹ̀ fún un pé kí ó fi kún owó ilé. Ó gbà á. Láti ìgbà náà, bí ó bá jẹ́wọ́, olè ni yóò pera rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìlapa náà pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ná kọ́bọ̀ níbẹ̀, kí òǹwòran má baà kórìíra rẹ̀.

Ìran ìkẹyìn kò ju ìlà méjì lọ. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná: “Bàbá Bísí, ọ̀la lẹ máa mú mi lọ kí lánlọ́ọ̀dù. Mo ti rẹ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín wọn.”