Ojú ara tó ń yún tí kò fi bẹ́ẹ̀ dà: ẹ wo ọṣẹ àti páàdì yín kí ẹ tó ra oògùn infẹ́kṣọ̀n

Tí abẹ́ obìnrin bá ti ń yún un báyìí, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo wa ni "tọ́ílẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n". Ẹnì kan á ní kó lọ ra oògùn tí wọ́n ń kì sábẹ́, ẹlòmíì á ní kó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jókòó, ẹlòmíì á ní álọ́ọ̀mù. Ìbéèrè témi máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ìyá ni pé ṣé nǹkan ń dà? Tí kò bá dà, tàbí tó jẹ́ ìwọ̀nba omi tó ti máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni, tí kò rùn, tí àwọ̀ ẹ̀ ò yí padà, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ awọ ara ló ń bínú, kì í ṣe kòkòrò.

Ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Inú, níbi tí ọmọ ń gbà jáde, máa ń fọ ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò fẹ́ ọṣẹ rárá. Ìta, ìyẹn ètè tó bò ó, awọ ni bí awọ ibòmíì lára, àmọ́ ó rọ̀ ó sì tètè máa ń bínú, bíi ti ìpéǹpéjú. Ọṣẹ líle máa ń bó òróró tó ń dáàbò bò ó, á gbẹ, á máa ta á, á máa yún. Ẹni tó ń yún á wá rò pé ìdọ̀tí ló kù níbẹ̀, á tún fọ̀ ọ́ sí i. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ ti ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátì lọ́jà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí abẹ́ ti ń yún un, alẹ́ ló sì máa ń le jù, kò jẹ́ kó sùn. Ó ti ki oògùn sábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti lo kápúsù tí wọ́n fi ń pa kòkòrò yíìsì, wọ́n tún fún un lábẹ́rẹ́ márùn-ún torí pé kòkòrò sitáfù jáde nínú tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Tó bá ti lo oògùn, ara á fúyẹ́ díẹ̀, á tún padà. Nígbà tá a bi í bó ṣe ń wẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ lòun ń fi ọṣẹ apakòkòrò fọ ibẹ̀, tòun ti kànìnkànìn, òun sì ń da oògùn apakòkòrò olómi sínú omi ìṣanbẹ̀. Ó tún ń wọ páàdì tín-ín-rín olóòórùn dídùn lójoojúmọ́ kí pátá ẹ̀ má baà lómi. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, inú mọ́, kò rùn. Ìta ló níṣòro: ètè ìta méjèèjì gbẹ, ó ń ṣí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ti nípọn torí híhọ ojoojúmọ́, àmì èékánná wà níbẹ̀. Ó ní tí òun bá ń tọ̀, ó máa ń ta òun, àmọ́ ìgbà tí ìtọ̀ bá kan awọ níta ni, kì í ṣe nínú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí tí ìtọ̀ bá ń dunni látinú ikùn wá, tó sì ń gbọ̀n èèyàn léraléra, ọ̀rọ̀ àpò ìtọ̀ nìyẹn, ó yàtọ̀.

Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ò le. Kó pa gbogbo nǹkan tó ń fi síbẹ̀ tì: ọṣẹ, apakòkòrò, iyọ̀, álọ́ọ̀mù, páùdà, páàdì ojoojúmọ́. Omi lásán tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kó má nù ún fínnífínní, kó wá fi fasilín tí kò lóòórùn díẹ̀ pa á. Pátá kọ́tìnì, kò gbọ́dọ̀ fún, kó fi omi ṣàn án dáadáa títí ọṣẹ ìfọṣọ á fi tán lára ẹ̀, alẹ́ kó má wọ̀ ọ́ rárá. Kó gé èékánná. Torí pé awọ ti nípọn, dókítà fún un ní oògùn pípara tó ń dín ìbínú awọ kù, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìwọ̀nba díẹ̀ lórí ìka.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ó ti ń sùn. Inú gbogbo wa dùn, àfi bí nǹkan oṣù ẹ̀ ṣe dé tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì ó ti ń ta á gbogbo ibi tí páàdì dé, títí dé ẹ̀gbẹ́ itan níbi tí ìyẹ́ páàdì ń lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, páàdì olóòórùn náà ló kù. Ó yí i sí kọ́tìnì tí kò lóòórùn, ó ń pààrọ̀ ẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ohun kejì tá a rí, tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló rántí, ni ata. Lọ́jà ó máa ń fọwọ́ ata lọ tọ̀. Àwa tá a ń ṣa ata tàbí tá a ń fọ́n oògùn oko, ká tó lọ tọ̀ ló yẹ ká fọwọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn nìkan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ sọ pé kò sí infẹ́kṣọ̀n mọ́ o. Yíìsì máa ń yúnni gan-an, ìgbà mìíì sì wà tí kì í dà púpọ̀. Òun máa ń tètè dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn antibáyótíìkì tàbí nínú oyún, tàbí kó máa le bí nǹkan oṣù bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ojú ara á wú, á pọ́n, tàbí kó dúdú sí i lára aláwọ̀ dúdú, tí nǹkan bá sì jáde á funfun bíi wàrà tó dì, kì í rùn. Tí ó bá rùn bí ẹja, ìyẹn kì í sábà yúnni púpọ̀. Tí ó bá ń yọ fóòmù, tí àwọ̀ ẹ̀ dà bí ewé, ó yẹ kí ọkọ náà gba ìtọ́jú. Ti awọ ara máa ń fà á fún ọ̀pọ̀ oṣù, fífọ̀ ló sì máa ń mú un le sí i. Tẹ́ẹ̀sì sì lè tan èèyàn jẹ, torí nínú obìnrin mẹ́wàá tára wọn le, ẹnì kan tàbí méjì máa ń ní yíìsì lábẹ́ láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Sitáfù náà lè wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bi dókítà yín pé ṣé ohun tó ń ṣe mí bá ohun tí tẹ́ẹ̀sì sọ mu.

Ẹ̀rù kíreemù alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì máa ń bà mí. Ó ní sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára nínú, ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹni náà á sì máa lò ó lóṣù mẹ́ta, awọ á tinrín, bí yíìsì bá wà níbẹ̀, á fara pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀, antibáyótíìkì tó wà nínú ẹ̀ náà sì lè fa ìyún tuntun.

Tí ẹ bá fi dígí wò ó tí ẹ rí i pé ibì kan ti funfun bí bébà, awọ ibẹ̀ tinrín, ó ń ya, tàbí ètè kékeré ń pòórá, ẹ má dúró rárá, ẹ lọ rí dókítà. Àìsàn awọ kan wà bẹ́ẹ̀, ó wọ́pọ̀ lára àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dá àti ọmọdébìnrin tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀, kì í ranni, oògùn dókítà ló ń mú un rọlẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ torí ó lè di jẹjẹrẹ nínú àwọn díẹ̀. Egbò tí kò jinná, kókó, ẹ̀jẹ̀, ibà tàbí inú rírun náà, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ yíìsì ló ń padà wá ṣáá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ọmọ kékeré tó ń yún lóru, ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ẹ̀ bí aràn funfun tín-ín-rín bá wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ pé infẹ́kṣọ̀n ni.