Ẹ sọ òkìtì ìwé kíkà yín di tábìlì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Excel, kí ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan. Lẹ́yìn orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún, òpó mẹ́ta ló kù: ohun tó sọ, bó ṣe ṣèwádìí, ibi tí ìwádìí náà kò dé.

Òpó àkọ́kọ́ ló máa ń bàjẹ́ jù. "Ó sọ̀rọ̀ nípa obìnrin Yorùbá" kò tó, àkòrí lásán nìyẹn. Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹlòmíì lè takò, kí ẹ sì kọ ojú ewé tó wà sí i. Ẹ wo ìwé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti 1997. Ohun tó sọ: kí òyìnbó tó dé, jíjẹ́ àgbà ló ń pín ipò láwùjọ Ọ̀yọ́, kì í ṣe akọ tàbí abo. Bó ṣe ṣèwádìí: ó yẹ èdè Yorùbá wò fínnífínní, ó sì ṣèwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí kò dé: Ọ̀yọ́ ló dojú kọ, ẹ ò lè fi ṣe ẹ̀rí fún Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó.

Ẹ rí i pé inú òpó kejì ni ẹ̀kẹta ti jáde. Bí ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ bá bá gbogbo ìwé mu, bíi "kò gbòòrò tó", ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ "òun" síwájú èyí tí òǹkọ̀wé fẹnu ara rẹ̀ sọ, kí ẹ kọ "èmi" síwájú èyí tí ẹ̀yin fúnra yín rí, torí alábòójútó yín máa bèèrè.

Bí ìlà bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ ka òpó ìkẹyìn láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tó bá ń yọjú léraléra níbẹ̀ ni àlàfo tí iṣẹ́ yín lè dí.